Orí Kẹsàn-án: Lẹ́tà sí Olùkọ́ Lórí Máàkì Àròkọ Sosiọ́lọ́jì

Ohun tí orí yìí dá lé

A ti kọ́ nípa lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ní orí tó ṣáájú. Ní orí yìí, a ó mú irú rẹ̀ kan tó máa ń nira fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: lẹ́tà tó fi ń bẹ olùkọ́ pé kó tún máàkì àròkọ yẹ̀ wò. Àtẹ máàkì tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ pín fún kíláàsì ni a ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Nígbà tí o bá parí orí yìí, ó yẹ kí o lè:

- mọ ẹjọ́ tó ṣeé kọ lẹ́tà lé lórí, kí o sì yà á kúrò lára èyí tí kò ṣeé kọ;
- fi gbólóhùn àtẹ máàkì wé ojú ìwé àròkọ rẹ;
- ṣírò ohun tí àyípadà máàkì lè mú wá kí o tó kọ lẹ́tà;
- kọ lẹ́tà náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ láìfi kókó ọ̀rọ̀ pamọ́.

1. Ẹjọ́ wo ló ṣeé bá olùkọ́ sọ?

Nínú àtẹ máàkì, olùkọ́ máa ń pín máàkì àròkọ sí òṣùwọ̀n mélòó kan. Lábẹ́ òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń wà, gbólóhùn kan sì wà níwájú ìpele kọ̀ọ̀kan tó ń sọ irú iṣẹ́ tó yẹ ìpele náà. Gbólóhùn yìí ni agbára akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì ti pín in, ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé ẹni tó bá ṣe báyìí, ibi báyìí ni máàkì rẹ̀ yóò bọ́ sí.

Tí máàkì bá wá dun akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ló máa ń fà á. Èkíní ni àṣìṣe ìṣirò: olùkọ́ ro máàkì àwọn òṣùwọ̀n pọ̀, àròpọ̀ náà kò pé. Èyí kò gba lẹ́tà gígùn. Mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì, fi han olùkọ́, ọ̀rọ̀ parí.

Èkejì ni kí ìpele tí olùkọ́ fi àròkọ sí má bá ohun tó wà nínú àròkọ mu. Àtẹ máàkì sọ pé ẹni tó bá ṣe ohun kan yóò wà ní ìpele kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ohun náà, ó sì lè fi ìka lé ojú ìwé tó ti ṣe é. Síbẹ̀ ìpele tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Ibí yìí ni lẹ́tà ti wúlò.

Ẹ̀kẹta ni kí ìpele tọ́, àmọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ó yẹ kí máàkì òun ga sí i nínú ìpele kan náà: olùkọ́ fún un ní 19, òun rò pé 22 ló tọ́, bẹ́ẹ̀ ìpele 18 sí 23 ni méjèèjì wà. Èyí kì í ṣe ẹjọ́. Ojú olùkọ́ àti ìrírí rẹ̀ ló ń pinnu ibi tí iṣẹ́ dúró sí nínú ìpele kan, kò sì sí gbólóhùn nínú àtẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tọ́ka sí láti já a. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà lórí irú èyí ń fi èrò ara rẹ̀ dojú kọ èrò olùkọ́ ni, a sì mọ èyí tí yóò borí.

2. Àròkọ àti àtẹ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọdún kejì, ní Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Sosiọ́lọ́jì. Ìbéèrè tí wọ́n bi kíláàsì nìyí: *Lo èrò Émile Durkheim nípa ìṣọ̀kan àwùjọ láti ṣàgbéyẹ̀wò ẹgbẹ́ kan tí o mọ̀ dáadáa. Àròkọ rẹ kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé mẹ́jọ lọ.*

Nínú ìwé tó ṣe jáde ní 1893 lórí pínpín iṣẹ́ láwùjọ, Durkheim sọ pé oríṣi ìṣọ̀kan méjì ló ń so ènìyàn pọ̀. Ọ̀kan ni ìṣọ̀kan àwọn tó jọra: iṣẹ́ kan náà, ìgbàgbọ́ kan náà, ìwà kan náà. Èkejì ni ìṣọ̀kan àwọn tó yàtọ̀ síra, tí ìyàtọ̀ iṣẹ́ wọn mú kí ọ̀kan má lè ṣe láìsí èkejì. Nítorí pé a kò lè fi ojú rí ìṣọ̀kan fúnra rẹ̀, Durkheim ní kí a wo òfin. Níbi tí ìjọra ti so ènìyàn pọ̀, òfin a máa fìyà jẹ arúfin, torí pé ó ti mú gbogbo àwùjọ bínú. Níbi tí ìyàtọ̀ ti so wọ́n pọ̀, òfin a máa dá nǹkan padà sí ipò rẹ̀: ẹni tó jẹ gbèsè a san án, ẹni tó ba nǹkan jẹ́ a tún un ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ̀wé lórí ẹgbẹ́ èsúsú àwọn obìnrin tó ń ta tòmátò ní ọjà Bódìjà, Ìbàdàn. Nínú èsúsú, iye kan náà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dá ní àsìkò kan náà, ẹnì kan ló sì ń kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lo iṣẹ́ tí William Bascom ṣe jáde lórí èsúsú Yorùbá ní 1952, ó sì lọ bá àwọn obìnrin mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀. Ní ojú ìwé 6, ó kọ èyí:

> Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan kò bá rí owó dá, wọn kì í bú u, wọn kì í sì lé e. Onídùúró rẹ̀ ni yóò dá owó náà, òun náà yóò sì san án padà fún onídùúró. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo àwọn obìnrin yìí ń ṣe, ọjà kan náà ni wọ́n ń tà, síbẹ̀ òfin tí Durkheim sọ pé ti àwọn tó yàtọ̀ síra ni, òun ni wọ́n ń lò.

Àtẹ máàkì olùkọ́ ní òṣùwọ̀n márùn-ún. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà gbà nìyí:

- Èrò tí àròkọ dá lé: 13 nínú 20
- Ìlò tíọ́rì: 14 nínú 30
- Ẹ̀rí: 14 nínú 25
- Ètò àti èdè: 10 nínú 15
- Ìtọ́ka ìwé: 4 nínú 10
- Àpapọ̀: 55 nínú 100

Ìpele tó wà lábẹ́ *ìlò tíọ́rì* nìyí:

- 24–30: Ó fi tíọ́rì yẹ ohun kan pàtó wò, ó sì fi ibi tí tíọ́rì náà kò ti bá ohun náà mu hàn.
- 18–23: Ó fi tíọ́rì yẹ ohun kan pàtó wò.
- 12–17: Ó ṣàlàyé tíọ́rì dáadáa, ṣùgbọ́n kò fi í yẹ nǹkan kan wò.
- 0–11: Àlàyé rẹ̀ nípa tíọ́rì ní àṣìṣe.

Ní etí ojú ìwé 4, olùkọ́ kọ pé: *O ṣàlàyé Durkheim dáadáa, ṣùgbọ́n o kò lò ó.*

3. Sísẹ́ ẹ̀sùn

Inú akẹ́kọ̀ọ́ wa kò dùn sí máàkì mẹ́ta: ti tíọ́rì, ti ẹ̀rí àti ti ìtọ́ka ìwé. Tó bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú lẹ́tà kan, ó ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni kó tẹ́ àtẹ máàkì sí apá kan, kó tẹ́ àròkọ sí apá kejì, kó sì bi ara rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: gbólóhùn ìpele wo ni mo rò pé mo dé, ojú ìwé wo ni mo sì lè fi ìka lé?

*Ìtọ́ka ìwé.* Àtẹ sọ pé gbogbo iṣẹ́ tí a bá dárúkọ nínú àròkọ gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ ìwé, pẹ̀lú ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ wo àkójọ tirẹ̀, ó rí i pé orúkọ Bascom wà níbẹ̀ láìsí ọdún, ìwé Durkheim kò sì sí níbẹ̀ rárá. Olùkọ́ jàre. Ẹ̀sùn yìí kúrò nílẹ̀.

*Ẹ̀rí.* Ìpele 15 sí 19 ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ẹ̀rí oríṣi méjì, kó sì sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ìpele 10 sí 14 jẹ́ ti ẹni tó lo ẹ̀rí ṣùgbọ́n tí kò sọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mẹ́rin, àmọ́ ẹ̀yìn ojú ìwé kẹjọ ló so wọ́n mọ́, níbi tí olùkọ́ kò ti ní láti kà á. Ẹ tún wo àyọkà láti ojú ìwé 6 lókè yìí. Ta ló sọ fún un pé wọn kì í lé ẹni tí kò rí owó dá? Kò sọ. Nítorí náà 14 tọ́, òun ló tilẹ̀ ga jù ní ìpele rẹ̀.

Ohun kan wà níbí tó yẹ kí a kíyè sí. Ojú ìwé 6 kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gbèjà ara rẹ̀ lórí tíọ́rì. Bó bá kó ẹ̀sùn ẹ̀rí mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ ló ń pe olùkọ́ wá wo ibi tí àyọkà náà kù sí. Ẹ̀sùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kì í dá ṣubú. A máa fa èyí tó lẹ́sẹ̀ lulẹ̀ mọ́ra.

*Ìlò tíọ́rì.* Ìpele tí wọ́n fi í sí sọ pé kò fi tíọ́rì yẹ nǹkan kan wò. Ṣùgbọ́n ojú ìwé 6 mú òfin, èyí tí Durkheim fúnra rẹ̀ fi ń dá ìṣọ̀kan mọ̀, ó fi yẹ ẹgbẹ́ èsúsú wò, ó sì tọ́ka sí ibi tí àwọn méjèèjì kò ti bá ara wọn mu. Ohun tí ìpele òkè pátápátá béèrè nìyẹn. Ẹjọ́ tòótọ́ wà níbí, lórí òun nìkan ni lẹ́tà yóò sì dúró.

A tún lè rí ìdí tí olùkọ́ fi kọ ohun tó kọ. Ojú ìwé 4 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, níbi tí àlàyé Durkheim parí sí. Láti ibẹ̀ lọ, akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ ìtàn èsúsú fún ojú ìwé kan àti àbọ̀ láìdárúkọ Durkheim, kó tó padà sórí tíọ́rì láàárín ìpínrọ̀ gígùn kan. Olùkọ́ tó ní ọ̀pọ̀ àròkọ níwájú lè ti pinnu máàkì tíọ́rì kó tó dé ibẹ̀. Mímọ èyí ló ń jẹ́ kí ohùn lẹ́tà tutù: kò sẹ́ni tó fẹ́ rẹ́ni jẹ.

4. Ìṣirò kí a tó kọ̀wé

Bí olùkọ́ bá gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ lo tíọ́rì, ṣùgbọ́n tí kò gbà pé ó fi ibi tí kò ti bá a mu hàn, ìpele 18 sí 23 ni yóò bọ́ sí. Bó bá fún un ní 18, àpapọ̀ di 59. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, 50 sí 59 ni C, 60 sí 69 ni B, 70 sókè sì ni A. Nítorí náà C náà ló ṣì jẹ́. Bó bá gbà pé ìpele òkè ló tọ́, tó fún un ní 24, àpapọ̀ di 65, ìyẹn B.

Àmọ́ àròkọ kọ́ ni gbogbo kọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 30 nínú 100 ni àròkọ kó, tí ìdánwò kó 70. Máàkì 55 á wá di 16.5 nínú 30. 59 á di 17.7, 65 á di 19.5. Máàkì mẹ́ta péré ni akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò jèrè nínú kọ́ọ̀sì, bí olùkọ́ bá tilẹ̀ fún un ní 24 náà. Bó bá gba 48 nínú ìdánwò, 64.5 yóò di 67.5, B ni méjèèjì. Bó bá gba 52, 68.5 yóò di 71.5, B yóò sì di A.

Èrè náà kéré, ó sì lè nítumọ̀. Fi ewu rẹ̀ wé e: olùkọ́ tí a bá ní kó tún àròkọ kà lè rí àléébù tí kò rí tẹ́lẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi sì rèé, máàkì tí a bá tún yẹ̀ wò lè lọ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe ìṣirò yìí yóò mọ̀ bóyá kó kọ lẹ́tà, tàbí kó kàn lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì, kó bi í bí òun ṣe lè ṣe dáadáa sí i nígbà mìíràn.

5. Lẹ́tà náà

Ìlànà lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ kò yí padà: àdírẹ́sì méjì, déètì, ìkíni, àkọlé, kókó ọ̀rọ̀, ìkádìí, ìfọwọ́sí àti orúkọ. Bí ó bá jẹ́ pé orí íméèlì ni o ti ń kọ ọ́, àdírẹ́sì méjèèjì kò pọn dandan, àkọlé sì bọ́ sójú ìlà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Èdè tí o fi kọ àròkọ ni kí o fi kọ lẹ́tà.

> Ilé Gbígbé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
> (Orúkọ yunifásítì).
> (Déètì)
>
> Olùkọ́ Kọ́ọ̀sì SOC 201,
> Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Sosiọ́lọ́jì,
> (Orúkọ yunifásítì).
>
> Alàgbà,
>
> Ẹ̀bẹ̀ fún Àtúnyẹ̀wò Òṣùwọ̀n Kejì (Ìlò Tíọ́rì) Nínú Àròkọ SOC 201
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo dúpẹ́ fún àròkọ tí ẹ dá padà fún wa àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí etí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Mo ń fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi tún òṣùwọ̀n kejì nìkan wò, níbi tí mo ti gba 14 nínú 30.
>
> Mo ti fi àtẹ máàkì wé àròkọ mi. Mo gba ohun tí ẹ sọ nípa ẹ̀rí àti ìtọ́ka ìwé: n kò sọ ẹni tó sọ ohun tí mo kọ nípa ẹgbẹ́ náà, ìwé Durkheim kò sì sí nínú àkójọ mi. N kò béèrè nǹkan kan lórí méjèèjì.
>
> Lórí òṣùwọ̀n kejì, ìpele 12 sí 17 jẹ́ ti àròkọ tó "ṣàlàyé tíọ́rì dáadáa, ṣùgbọ́n kò fi í yẹ nǹkan kan wò". Ìpele 24 sí 30 jẹ́ ti èyí tó fi tíọ́rì yẹ ohun kan pàtó wò, tó sì "fi ibi tí tíọ́rì náà kò ti bá ohun náà mu hàn". Ní ojú ìwé 6, ìpínrọ̀ kejì, mo lo ọ̀rọ̀ Durkheim lórí òfin láti yẹ ẹgbẹ́ èsúsú wò. Mo sọ níbẹ̀ pé onídùúró ló ń dá owó ẹni tí kò rí owó dá, tí ẹni náà yóò sì san án padà. Pé òfin tó ń dá nǹkan padà sí ipò ni èyí. Àti pé kò bá tíọ́rì náà mu, nítorí iṣẹ́ kan náà ni gbogbo àwọn obìnrin náà ń ṣe.
>
> Ọ̀rọ̀ yín ní ojú ìwé 4 tọ́ ní ibi tí ẹ kọ ọ́ sí, torí pé àlàyé nìkan ló wà títí dé ibẹ̀. Ojú ìwé 6 ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi wé gbólóhùn àwọn ìpele náà. Bí ẹ bá tún rí i pé ìpele tó wà tẹ́lẹ̀ ló tọ́, inú mi yóò dùn láti mọ ohun tí ìpínrọ̀ náà ṣaláìní, kí n lè mọ bí mo ṣe máa kọ èyí tó ń bọ̀.
>
> Mo fi ẹ̀dà àròkọ náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yín lára rẹ̀ àti àtẹ máàkì ránṣẹ́ pọ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Mo lè wá sí ọ́fíìsì yín nígbàkigbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ ṣeun, sà.
>
> Èmi ni tiyín nítòótọ́,
> (Ìfọwọ́sí)
> (Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́)
> (Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀)

6. Àlàyé lórí lẹ́tà náà

Àkọlé lẹ́tà sọ òṣùwọ̀n tí ọ̀rọ̀ kàn. Olùkọ́ tó bá ka àkọlé nìkan ti mọ̀ pé wọn kò ní kó tún gbogbo àròkọ máàkì. Èyí dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, ìbẹ̀rù rẹ̀ náà sì dín kù.

Ìpínrọ̀ kejì gba ohun tó tọ́. Àṣejù wà nínú gbígba ẹ̀bi, ẹ ṣọ́ra fún un: akẹ́kọ̀ọ́ wa kò sọ pé òun kò mọ nǹkan kan, kò dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú lẹ́tà. Ó dárúkọ nǹkan méjì tó jẹ́ òótọ́, ó sì kúrò níbẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé olùkọ́ rí i pé ẹni yìí ti ka àtẹ náà pẹ̀lú ojú tí kì í ṣe ti ara rẹ̀ nìkan. Nígbà tó bá wá sọ pé ìpele kan kò tọ́, olùkọ́ yóò fetí sí i.

Ìpínrọ̀ kẹta ni ọkàn lẹ́tà. Ẹ wo bó ṣe tò ó: gbólóhùn ìpele tí wọ́n fi í sí, gbólóhùn ìpele tó rò pé ó tọ́, lẹ́yìn náà ojú ìwé àti ìpínrọ̀. Ọ̀rọ̀ àtẹ ló fi sínú àmì àyọlò. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ké kúrú. Kò lo "ó dá mi lójú" tàbí "mo gbàgbọ́" níbì kankan. Àtẹ àti àròkọ ló ń sọ̀rọ̀, olùkọ́ ni yóò sì ṣèdájọ́.

Ìpínrọ̀ kẹrin ṣe nǹkan méjì. Ó sọ pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ tọ́ níbi tí ó wà, tó túmọ̀ sí pé olùkọ́ lè yí máàkì padà láìjẹ́wọ́ pé òun kò kàwé dáadáa. Ó tún béèrè ohun tí yóò wúlò bí ìdáhùn bá tilẹ̀ jẹ́ "rárá". Bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ iye máàkì tó ń fẹ́. Ìpele ló tọ́ka sí, ó fi nọ́ńbà sílẹ̀ fún ẹni tó ni í.

Ẹ tún kíyè sí *ẹ* àti *yín*, *sà*, àti *ẹ kú iṣẹ́* tó ṣáájú ẹ̀bẹ̀. Bí obìnrin bá ni olùkọ́, *mà* ni yóò rọ́pò *sà* nínú lẹ́tà, a ó sì lò ó dípò *alàgbà* nínú ìkíni. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tó. Lẹ́tà tí *sà* bá wà ní ìparí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ máa ń dà bí ẹni tó ń fi ọ̀wọ̀ bo ọ̀rọ̀ tí kò lágbára mọ́lẹ̀.

7. Gbólóhùn tó máa ń ba irú lẹ́tà yìí jẹ́

*"Mo ṣiṣẹ́ takuntakun lórí àròkọ yìí."* Kò sí òṣùwọ̀n kankan nínú àtẹ tó ń fún òógùn ní máàkì. Yọ ọ́ kúrò, má fi nǹkan rọ́pò rẹ̀.

*"Ọ̀rẹ́ mi tó kọ ohun tó jọ tèmi gba 68."* Gbólóhùn yìí burú lọ́nà méjì. O ti fa ẹlòmíràn sínú ọ̀rọ̀ tí kò kàn án, olùkọ́ sì lè dáhùn pé máàkì ọ̀rẹ́ rẹ ló pọ̀ jù. Àtẹ ni kí o fi iṣẹ́ rẹ wé, má fi í wé ti ẹnikẹ́ni.

*"Ẹ kò ka ojú ìwé 6."* Kò sí bí o ṣe lè mọ̀. Ohun tí o mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ kò mẹ́nu ba ojú ìwé 6. Sọ ohun tó wà níbẹ̀: "Ní ojú ìwé 6, mo..."

*"Àròkọ yìí yẹ fún ìpele òkè nítorí mo ṣàlàyé Durkheim lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́."* Gbólóhùn yìí ló máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ sosiọ́lọ́jì jù, torí pé ó ní ọ̀wọ̀, ó sì dá lórí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àlàyé kì í ṣe ìlò. Ẹni tó bá ń fi bí àlàyé rẹ̀ ṣe gùn tó gbèjà ara rẹ̀ ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ìpele 12 sí 17 ló tọ́ sí òun. Ọ̀nà tí o fi lè mọ̀ ni pé kí o wá ibi tí orúkọ Durkheim àti orúkọ ẹgbẹ́ tí o kọ̀wé lé lórí ti pàdé nínú gbólóhùn kan tàbí méjì tó tẹ̀ léra, tí ọ̀kan sì sọ nǹkan nípa èkejì. Bí o kò bá rí irú ibẹ̀, kò sí ẹjọ́.

8. Lẹ́yìn tí lẹ́tà bá ti lọ

Àsìkò ṣe pàtàkì. Kí máàkì tó kúrò lọ́wọ́ olùkọ́, òun nìkan lè tún un ṣe. Tó bá ti dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka, àtúnṣe rẹ̀ nílò àlàyé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Tí Sẹ́néètì bá ti fọwọ́ sí èsì, ọwọ́ olùkọ́ kò tó o mọ́. Ìlànà yunifásítì fún àtúnyẹ̀wò ìdánwò ni yóò kù, ọ̀pọ̀ ibi ló sì ń gba owó fún un. Nítorí náà, má kọ̀wé lọ́jọ́ tí inú ń bí ọ, má sì jẹ́ kí ó di ìparí sáà.

Bí olùkọ́ bá pè ọ́ wá sí ọ́fíìsì, mú àròkọ àti àtẹ dání, kí o sì ti sàmì sí ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ wà. Ó lè bi ọ́ pé: "Kí ló dé tí o fi rò pé òfin èsúsú kì í ṣe ìyà? Ṣé ìtìjú tó ń bá ẹni tí onídùúró san owó fún kì í ṣe ìyà ni?" Ìbéèrè gidi ni. Bóyá ojú ń ti ẹni náà lóòótọ́, tó sì jẹ́ pé Durkheim jàre ju bí àròkọ ṣe sọ lọ. Bí o kò bá ní ìdáhùn, ó ṣeé ṣe kí ìpele 18 sí 23 jẹ́ ibi tó tọ́: o lo tíọ́rì, àmọ́ ibi tí o ní kò ti bá ohun tí o rí mu kò dúró dáadáa.

Bí olùkọ́ bá dáhùn pé máàkì kò yí padà, tó sì sọ ìdí, dúpẹ́, kí o fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí kò bá dáhùn rárá, fi ìránnilétí kúkúrú kan ránṣẹ́. Ọ̀gá ẹ̀ka ni ó kàn lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà àkọ́kọ́ yìí ni yóò sì kọ́kọ́ béèrè. Kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé ẹni kẹta lè kà á.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 17 nínú 20 lórí *èrò tí àròkọ dá lé*. Ìpele rẹ̀ jẹ́ 16 sí 20. Ó fẹ́ kọ lẹ́tà pé 19 ló tọ́ sí òun. Kí ni ìwọ yóò sọ fún un, kí sì ni ìdí rẹ̀?

2. Tún àyọkà ojú ìwé 6 kọ ní gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, lọ́nà tí yóò fi bá ìpele 15 sí 19 mu lórí ẹ̀rí láìpàdánù ohun tó jẹ́ kó yẹ lórí tíọ́rì.

3. Àròkọ kan kó 40 nínú 100 máàkì kọ́ọ̀sì. Akẹ́kọ̀ọ́ gba 58, ó sì lè di 66. Máàkì mélòó ni yóò jèrè nínú kọ́ọ̀sì? Iye wo nínú ìdánwò tó kó 60 ni yóò jẹ́ kí àyípadà yìí sọ B di A?

4. Mú àròkọ tìrẹ kan tí wọ́n ti dá padà pẹ̀lú àtẹ máàkì rẹ̀. Sẹ́ ẹ̀sùn rẹ gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe ní ìsọ̀rí 3. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, kọ ìpínrọ̀ kẹta lẹ́tà rẹ nìkan. Bí kò bá sí èyí tó ṣẹ́ kù, kọ gbólóhùn ìpele tí o máa lé nínú àròkọ tó ń bọ̀ sílẹ̀.